Dyn11 méjì kì í ṣe ìbejì nígbà gbogbo: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí síso tiransifọ́mà méjì pọ̀

Àwọn oníná Ìlọrin, Ọ̀fà, Òmù-Àrán àti Àjàṣẹ́-Ìpo ló máa ń bi mí ní àwọn ìbéèrè wọ̀nyí léraléra, ni mo bá kó ìdáhùn wọn jọ síbì kan. Iná ilẹ̀ wa ni gbogbo nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ dá lé: fóltì 415 láàárín fééṣì sí fééṣì, fóltì 240 láàárín fééṣì sí niútírà.

Kí ni Dyn11 tí wọ́n kọ sára nẹ́mù-pìléètì túmọ̀ sí?

Lẹ́tà ńlá tó ṣíwájú ń sọ bí wọ́n ṣe so kọ́ìlì ẹ̀gbẹ́ fóltì gíga. D ni délítà, níbi tí kọ́ìlì mẹ́ta ti di ara wọn mú lórí-sí-ìdí bí ààrò mẹ́ta. Y ni sítáà, níbi tí ìdí kọ́ìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé lójú kan. Lẹ́tà kékeré tó tẹ̀ lé e ń sọ ohun kan náà nípa ẹ̀gbẹ́ fóltì kékeré, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ tó ń lọ sílé oníbàárà. Lẹ́tà n sọ pé wọ́n fa ojú ìpàdé sítáà náà jáde gẹ́gẹ́ bíi niútírà.

Nítorí náà, Dyn ni délítà lókè, sítáà nísàlẹ̀, niútírà sì wà níta. Bí ẹ bá rí z, ìyẹn ni síígísáàgì: wọ́n pín kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan sí méjì, wọ́n sì há a sórí ẹsẹ̀ irin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Nọ́ńbà tó kẹ́yìn ló ń dá wàhálà sílẹ̀, òun ló sì ni gbogbo ìyókù ojú ìwé yìí.

Báwo la ṣe ń ka nọ́ńbà yẹn?

Ẹ fojú inú wo aago ara ògiri. Ẹ gbé ọwọ́ gígùn rẹ̀ sórí 12, kí ẹ má sì mú un kúrò níbẹ̀ mọ́: òun ni fóltì fééṣì A ní ẹ̀gbẹ́ gíga. Ọwọ́ kúkúrú ni fóltì fééṣì a ní ẹ̀gbẹ́ kékeré. Wákàtí tí ọwọ́ kúkúrú ń tọ́ka sí ni nọ́ńbà tí wọ́n kọ. Láti wákàtí kan sí èkejì jẹ́ 30 dígírì, nítorí pé 360 tí a pín sí ọ̀nà 12 ni.

Bí aago ṣe ń yí lọ sí ọ̀tún ni fóltì kékeré ń rẹ̀yìn. Dyn1 túmọ̀ sí pé fóltì kékeré fi 30 dígírì rẹ̀yìn fóltì gíga. Dyn11 rẹ̀yìn ní ìlọ́po mọ́kànlá 30, ìyẹn 330 dígírì, èyí tó jẹ́ ohun kan náà bí ìgbà tí a bá ní ó fi 30 dígírì ṣíwájú. Yyn0 kò rẹ̀yìn, kò ṣíwájú; ọwọ́ méjèèjì wà lórí 12.

Àṣìṣe tí mo máa ń bá pàdé jù ni kí ènìyàn rò pé 11 àti 1 jìnnà síra ní wákàtí mẹ́wàá. Lójú aago, 12 nìkan ló wà láàárín wọn. Wákàtí méjì ni, 60 dígírì.

Fóltì méjèèjì jẹ́ 415. Kí ló dé tí igun tún fi ní láti bára mu?

Nítorí pé fóltì iná tó ń lọ tó ń bọ̀ kò dúró sójú kan. Ní gbogbo ìgbà tí a bá wò ó, fééṣì kan ń gòkè, òmíràn ń sọ̀ kalẹ̀. Bí fééṣì pupa ti tiransifọ́mà kìíní bá ti dé góńgó nígbà tí fééṣì pupa ti èkejì ṣì ń bọ̀ lọ́nà, ìyàtọ̀ fóltì wà láàárín wọn ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, bí mítà tilẹ̀ kà 240 sí niútírà lórí méjèèjì. Ìyàtọ̀ yẹn ló máa fara hàn lójú súìṣì tó so wọ́n pọ̀. Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí:

```
ΔV = 2 × V × sin(θ/2)

θ = 30°   ΔV = 2 × 240 × sin 15° = 124 V
θ = 60°   ΔV = 2 × 240 × sin 30° = 240 V
θ = 180°  ΔV = 2 × 240 × sin 90° = 480 V
```

Ẹ jẹ́ ká mú tiransifọ́mà 500 kVA méjì, tí ìmpídáǹsì ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 4%. Ẹrù kíkún ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí ámpíà 696. Bí wọ́n bá fi 60 dígírì yàtọ̀, odindi fóltì fééṣì kan ló máa ti iná gba inú àwọn méjèèjì, ohun tó sì lè dá a dúró kò ju 4% àti 4% lọ, ìyẹn 8%. Ẹ fi 8% pín 100%, ẹ ó rí ìlọ́po méjìlá àti ààbọ̀: ámpíà 8,700. Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ 30 dígírì, ó máa tó ìlọ́po mẹ́fà àti ààbọ̀, nǹkan bí ámpíà 4,500. Oníbàárà kankan kò tíì tan bọ́ọ̀bù kan o. Iná yìí ń yí kiri láàárín tiransifọ́mà méjèèjì ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tí ọwọ́ bá ti súìṣì pa, tí méjèèjì so pọ̀.

Yàtọ̀ sí igun, kí ló tún gbọ́dọ̀ bára mu?

Ìwọ̀n fóltì gíga sí kékeré gbọ́dọ̀ dọ́gba, táàpù méjèèjì, ìyẹn ibi tí a ti ń yan fóltì lára tiransifọ́mà, gbọ́dọ̀ wà níbi tí fóltì ìsàlẹ̀ ti dọ́gba, ìmpídáǹsì wọn gbọ́dọ̀ súnmọ́ra, kí kVA ọ̀kan má sì ju ìlọ́po mẹ́ta ti èkejì lọ.

Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kò rí bíi ti igun. Bí táàpù bá fi ìpele kan ṣoṣo yàtọ̀, ìyẹn 2.5%, lórí tiransifọ́mà 500 kVA méjì tí mo sọ lókè, iná tó máa yí kiri jẹ́ nǹkan bí ámpíà 217. Ó burú, ó ń jẹ agbára ẹ̀rọ dànù, ó sì ń gbé ooru wá, ṣùgbọ́n ẹ ó ní àyè láti rí i kí ẹ sì tún un ṣe. Igun tó yàtọ̀ kì í fún ènìyàn láyè.

Mítà tó ń fi bí fééṣì ṣe tẹ̀ léra hàn sọ pé méjèèjì ń yí sápá kan náà. Ṣé kò tó?

Kò tó rárá. Ohun tí mítà yẹn mọ̀ kò ju pé pupa ló ṣíwájú, yẹ́lò tẹ̀ lé e, búlúù sì kẹ́yìn. Òun ni ẹ ó lò kí mọ́tò ẹ̀rọ omi má baà yí sẹ́yìn. Kò mọ ìgbà tí pupa dé.

Ẹ wo ọkọ̀ méjì tó gbéra láti Ìlọrin lọ sí Ọ̀fà. Méjèèjì máa kọ́kọ́ kan Ganmọ, kí wọ́n tó kan Àjàṣẹ́-Ìpo, kí wọ́n tó wọ Ọ̀fà. Ètò ibùdókọ̀ wọn bára mu. Ìyẹn kò sọ fún yín pé ìṣẹ́jú kan náà ni wọ́n dé Àjàṣẹ́. Dyn11 àti Dyn1 lórí ìlà kan náà máa yí sápá kan náà lójú mítà yẹn, fóltì 240 sì wà láàárín pupa wọn.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé òótọ́ ni ohun tí wọ́n kọ sára nẹ́mù-pìléètì?

Èyí ṣe pàtàkì gan-an fún tiransifọ́mà tí wọ́n ti tún há. Oníṣẹ́ tó há kọ́ìlì tuntun lè so délítà gba apá kejì, kó sì dá nẹ́mù-pìléètì àtijọ́ padà síbi tó wà. Dyn11 tó jáde lọ lè padà wálé ní Dyn1, kò sì sí ohun tí ojú lè rí níta.

Bó bá jẹ́ tiransifọ́mà 11kV sí 415, ẹ lè dán an wò nílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sórí iná. Ẹ rí i pé kò sí wáyà kankan tó so mọ́ ọn lókè tàbí nísàlẹ̀. Ẹ tú niútírà rẹ̀ kúrò lára ilẹ̀. Èyí ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé, tí fíúsì á sì jó. Ẹ fi wáyà kan so A òkè mọ́ a ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé fóltì 415 oní-fééṣì mẹ́ta gba inú bírékà kékeré wọ ẹ̀gbẹ́ gíga. Mo tún un sọ: ẹ̀gbẹ́ gíga. Ẹni tó bá gbé 415 wọ ẹ̀gbẹ́ kékeré ti dá fóltì 11,000 sílẹ̀ lókè orí ara rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ dára ju iná ìlú lọ fún iṣẹ́ yìí, torí pé fóltì rẹ̀ kì í lọ sókè sódò nígbà tí ẹ bá ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀.

Ẹ wá wọn B sí b, B sí c, C sí c àti C sí b. Bí ó bá jẹ́ Dyn11, mẹ́ta àkọ́kọ́ máa dọ́gba ní nǹkan bíi fóltì 401, C sí b nìkan ló máa wà ní 415. Bí ó bá jẹ́ Dyn1, B sí c ló máa wà ní 415, àwọn mẹ́ta yòókù á sì wà ní 401. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà tó ju 415 lọ dáadáa, bíi 428, ọwọ́ kúkúrú aago ti kúrò ní 11 àti 1 nìyẹn, ó lè wà ní 5 tàbí 7.

Ọ̀nà yìí kò wúlò tó fún tiransifọ́mà 33kV sí 415. Fóltì tó máa jáde nísàlẹ̀ kò ju 5 lọ, ìyàtọ̀ tí ẹ ń wá sì máa jẹ́ 410 sí 415. Kí àṣìṣe má baà wọ̀ ọ́, ẹ wá ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń wọn ìwọ̀n kọ́ìlì tó sì ń ka igun pẹ̀lú.

Tiransifọ́mà méjèèjì ti wà lórí iná. Báwo la ṣe ń wọn igun wọn kí a tó ti súìṣì pa?

Ojú súìṣì tó máa so wọ́n pọ̀ la ti ń wọ̀n ọ́n, nígbà tó ṣì wà ní ṣíṣí. Iná tiransifọ́mà kìíní wà lápá kan, ti èkejì wà lápá kejì. Ẹ kọ́kọ́ rí i pé ọ̀pá tó so niútírà méjèèjì wà níbẹ̀, kí ẹ sì wọn niútírà sí niútírà: ó yẹ kó súnmọ́ òdo. Bí niútírà kò bá so pọ̀, ohun tí ẹ máa wọ̀n lẹ́yìn náà kò ní ìtumọ̀, torí pé iná kò rí ọ̀nà padà. Mítà lè ka òdo níbi tí ikú wà.

Mítà yín gbọ́dọ̀ lè gba fóltì 600 ó kéré tán, kó sì ní àmì CAT III tàbí CAT IV lára, torí pé ẹ lè bá 480 pàdé. Ẹ wọn fééṣì sí niútírà lápá méjèèjì kí ẹ lè mọ̀ pé gbogbo fíúsì wà. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ẹnu mítà kan sórí pupa kìíní, kí ẹ fi ẹnu kejì kan pupa, yẹ́lò àti búlúù ti èkejì níkọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún yẹ́lò kìíní, ẹ ṣe é fún búlúù. Nọ́ńbà mẹ́sàn-án ni. Ẹ kọ gbogbo wọn sílẹ̀ sórí ìwé. Ẹ má fi sórí. Lẹ́yìn èyí, ẹ padà lọ wọn ibi tí ẹ mọ̀ pé iná wà, kí ó lè dá yín lójú pé mítà kò kú láàárín.

Kí ni àwọn nọ́ńbà náà ń sọ?

Láti orí pupa kìíní, ohun tí a ń fẹ́ ni òdo sí pupa, 415 sí yẹ́lò, 415 sí búlúù. Òdo kì í ṣe òdo gan-an. Fóltì díẹ̀ máa wà níbẹ̀ bí táàpù tàbí ẹrù bá yàtọ̀.

Bí ẹ bá rí òdo, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ yẹ́lò tàbí búlúù ló wà, igun kò bàjẹ́. Wọ́n gbé wáyà sí àyè tí kì í ṣe tirẹ̀ ni. Bí pupa bá bá pupa mu, ṣùgbọ́n tí yẹ́lò àti búlúù kọ́ra, ẹnì kan ti yí wáyà méjì padà. Ẹ pa iná, ẹ tún un ṣe, ẹ tún mẹ́sẹ̀ẹ̀sán wọ̀n.

Bí kò bá sí òdo níbì kankan, igun gan-an ló yàtọ̀. 240, 240 àti 480 ni àmì 60 dígírì: Dyn11 ti pàdé Dyn1. 124, 339 àti 464 ni àmì 30 dígírì. Mo rọ̀ yín kí ẹ kọ mẹ́ta ìkẹyìn yìí sára ògiri ibi iṣẹ́ yín, torí pé òun ló ń tan àwọn ènìyàn jẹ jù.

Ṣé a lè lo bọ́ọ̀bù dípò mítà?

Àwọn àgbà oníná lò ó, ó sì gbà wọ́n lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ewu. Wọ́n máa ń to bọ́ọ̀bù 240 méjì tẹ̀ léra wọn, torí pé ọ̀kan ṣoṣo á fọ́ bí 415 tàbí 480 bá kàn án. Bí bọ́ọ̀bù kò bá tàn, wọ́n á ní fééṣì bára mu.

Ibi tó ti ń já ènìyàn kulẹ̀ ni 30 dígírì. Fóltì 124 tí bọ́ọ̀bù méjì pín kò ju 62 lọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀bù onírin tín-ín-rín inú á pọ́n bí ẹyin iná tó ń kú lọ; ní ọ̀sán gangan, lábẹ́ oòrùn Ìlọrin, ojú kò ní rí i. Bọ́ọ̀bù ìgbàlódé tó ń lo iná díẹ̀ tilẹ̀ lè má tàn rárá. Ẹ óò ní kò tàn, ẹ óò sì ti ámpíà 4,500 pa. Ẹ lo mítà.

Ọ̀kan jẹ́ Dyn11, èkejì Dyn1, orí ìlà kan náà ni wọ́n sì wà. Ṣé ọ̀nà wà?

Ọ̀nà wà, kò sì ní kí ẹ ṣí tiransifọ́mà. Ẹ mú ọ̀kan nínú wọn, ẹ yí wáyà fééṣì méjì padà lókè, kí ẹ sì yí lẹ́tà méjì kan náà padà nísàlẹ̀. Bí ẹ bá fi ìlà B sórí òpó C, tí ẹ fi ìlà C sórí òpó B, nígbà náà wáyà tó ń jáde láti c ni ẹ ó máa pè ní yẹ́lò, èyí tó ń jáde láti b ni búlúù.

Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí fééṣì bá wọlé ní òdìkejì, kọ́ìlì tó ń mú fóltì rẹ̀yìn á máa mú un ṣíwájú. Dyn1 á máa hùwà bíi Dyn11. Yíyí ìsàlẹ̀ padà ló wá dá mọ́tò àwọn oníbàárà sí ọ̀nà tó tọ́. Bí ẹ bá yí òkè nìkan, gbogbo ẹ̀rọ omi àdúgbò á yí sẹ́yìn. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sára tiransifọ́mà náà gàdàgbà pé wọ́n ti yí i, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà "tún un ṣe". Ẹ sì tún nọ́ńbà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán wọ̀n.

Dyn11 ni méjèèjì, mo ti ka nẹ́mù-pìléètì lẹ́ẹ̀mẹta, síbẹ̀ mítà ka 124. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ẹ béèrè ìlà tó ń bọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan wà lórí 33kV, kí èkejì wà lórí 11kV.

Mo pàdé rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kan lápá Ganmọ. Tiransifọ́mà 500 kVA kan wà níbẹ̀ tó ń gba iná láti orí ìlà 33kV tààrà. Alhaji tó ni ilé iṣẹ́ ra èkejì, 500 kVA bákan náà, wọ́n sì gbé e sórí ìlà 11kV tó gba ẹ̀yìn ọgbà kọjá, torí pé owó tiransifọ́mà 11 kéré sí ti 33. Dyn11 lára méjèèjì, 415 nísàlẹ̀, ìmpídáǹsì wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ọmọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti lo mítà tó ń fi bí fééṣì ṣe tẹ̀ léra hàn. Ó ní, "Ọ̀gá, ìkan náà ni wọ́n, ẹ jẹ́ ká tì í pa." Mo ní kó mú ìwé wá. Láti orí pupa kìíní, a rí 121, 331, 452. Kò sí òdo nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìlà 33kV náà ni orísun méjèèjì. Tiransifọ́mà kìíní gba inú Dyn11 kan ṣoṣo kó tó di 415, nítorí náà ọwọ́ kúkúrú rẹ̀ wà lórí 11. Ṣùgbọ́n iná 11kV yẹn ti kọ́kọ́ gba inú tiransifọ́mà ńlá ní sobusitéṣọ̀n, tó sọ 33 di 11. Dyn11 lòun náà. Ó wá tún gba inú Dyn11 ti Alhaji. Wákàtí ń ròpọ̀ ni: 11 àti 11 jẹ́ 22, ẹ yọ 12 kúrò, ó ku 10. Ọ̀kan wà lórí 11, èkejì wà lórí 10. Wákàtí kan, 30 dígírì, fóltì 124. Iná ìlú ò pé 240 lọ́jọ́ yẹn, ìdí nìyẹn tí tiwa fi jẹ́ 121.

Nẹ́mù-pìléètì kò purọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ tiransifọ́mà tó wà lára rẹ̀ nìkan ló ń sọ. Kò mọ ohun tí iná ti là kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bí tiransifọ́mà sobusitéṣọ̀n bá jẹ́ oríṣi mìíràn ńkọ́?

Ẹ lọ ka nẹ́mù-pìléètì tirẹ̀ náà, tàbí kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì ro wákàtí rẹ̀ mọ́ tiyín. Bí ó bá jẹ́ Dyn1, 1 àti 11 jẹ́ 12, ìyẹn òdo. Òdo sí 11 ṣì jẹ́ wákàtí kan. Ẹ ṣì máa rí 124, ṣùgbọ́n 339 àti 464 á pààrọ̀ àyè lórí ìwé yín. Bí ó bá jẹ́ Yyn0, òdo àti 11 jẹ́ 11, ó bá èkejì mu, mítà á sì fi òdo hàn.

Ṣé a kò lè yí wáyà padà kí 33 àti 11 yẹn lè bára mu, bí a ti ṣe fún Dyn1?

A kò lè ṣe é. Gbígbé wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò láyè kan sí èkejì ń sún ọwọ́ aago ní wákàtí mẹ́rin. Yíyí méjì padà lókè àti nísàlẹ̀ ń sọ 11 di 1, tàbí 5, tàbí 9. Ẹ wo ó: gbogbo ohun tí Dyn11 lè dà jẹ́ nọ́ńbà tí méjì kò lè pín tán. Òun nìkan kọ́ ló wà lọ́nà náà. Bí a bá ro 11 ti sobusitéṣọ̀n mọ́ ọn, èsì á máa jẹ́ nọ́ńbà tí méjì lè pín tán: 10, 12, 4, 8, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Tiransifọ́mà kìíní sì wà lórí nọ́ńbà tí méjì kò lè pín. Wọn kò lè pàdé láéláé, bí ẹ bá tilẹ̀ fi ọjọ́ mẹ́ta yí wáyà.

Ìdí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni pé délítà sí sítáà kọ̀ọ̀kan ń mú 30 dígírì kan wá. Ọ̀nà kan ní délítà-sítáà ẹyọ kan, ọ̀nà kejì ní méjì. Wáyà ìta kò lè pa délítà rẹ́.

Kí la wá ṣe fún Alhaji?

A pín ẹrù rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ ńlá dúró sórí tiransifọ́mà 33kV, ọ́fíìsì, iná àti ẹ̀rọ omi lọ sórí ti 11kV. Súìṣì tó wà láàárín bọ́sìbáà méjèèjì, a yọ ọ́ kúrò, a fi ṣéńjófà sí i, irú èyí tí irin rẹ̀ kò lè kan apá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà: ó gbọ́dọ̀ kúrò lára ọ̀kan pátápátá kó tó dé ara èkejì. Bí ìlà kan bá kú, wọ́n lè gbé ẹrù tó ṣe pàtàkì bọ́ sórí èkejì, iná á kàn ṣẹ́jú lásán.

Ó kọ́kọ́ bà á nínú jẹ́, torí pé ohun tó fẹ́ ni 1,000 kVA lójú kan. Bí ìyẹn bá jẹ́ dandan, kí tiransifọ́mà kejì wà lórí ìlà 33kV kan náà, kó sì jẹ́ Dyn11. Tiransifọ́mà 11kV tó jẹ́ Yyn0 tàbí Dzn0 náà lè bá a mu nínú ìṣirò, ṣùgbọ́n Yyn0 kò fẹ́ràn ẹrù tí fééṣì rẹ̀ kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ bí ilé iṣẹ́ tiwa ṣe máa ń rí nìyẹn. Dzn0 sì jẹ́ ohun tí ẹ máa ní kí wọ́n dìídì ṣe.

Mo tún sọ fún un kó kọ ọ́ sí ara páńẹ́lì pé ọ̀nà 33 àti ọ̀nà 11 kò gbọ́dọ̀ pàdé. Ọmọ iṣẹ́ tó rí 124 lójú ara rẹ̀ lè kúrò níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá gba ipò rẹ̀ máa ka Dyn11 méjì.

Orí 33kV ni méjèèjì wà, Dyn11 ni wọ́n, ṣùgbọ́n fídà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń bọ́ wọn. Mo rí fóltì 9 láti pupa sí pupa. Ṣé mo lè tì í?

Fóltì 9 kì í ṣe àṣìṣe fékítọ̀ gúrúùpù, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà bíi Dyn11 yẹn. Kò sí wákàtí aago kankan tó lè mú nọ́ńbà kékeré bẹ́ẹ̀ wá. Ẹrù tó wà lórí fídà kan ju ti èkejì lọ ni, ó sì fa fóltì àti igun rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ lọ wò ó bóyá táàpù náà wà lára rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má tì í. Nígbà tí ẹ bá so fídà méjì pọ̀ nísàlẹ̀, ẹ ti sọ tiransifọ́mà yín di afárá láàárín wọn. Bí wọ́n bá pa fídà kan ní sobusitéṣọ̀n kí òṣìṣẹ́ wọn lè gun òpó, iná fídà kejì á gba inú tiransifọ́mà yín kékeré, á padà gòkè di fóltì 33,000, á sì lọ bá ẹni tó wà lórí òpó náà, tó ti gbàgbọ́ pé ìlà ti kú. Fún fídà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ṣéńjófà nìkan ni, àyàfi bí àwọn tó ni ìlà bá fọwọ́ sí i lórí ìwé, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ ààbò tó lè já a fúnra rẹ̀ síbẹ̀.